Ẹ yé fi wákàtí nìkan díwọ̀n gémù ọmọ yín

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwa òbí ni pé wákàtí la máa ń kà. Ọmọ lo wákàtí márùn-ún nídìí gémù lọ́jọ́ Sátidé, a ní ó ti di bárakú. Àìsàn gémù wà lóòótọ́ nínú àkójọ àìsàn Àjọ Ìlera Àgbáyé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022, ṣùgbọ́n wọn ò fi wákàtí kankan díwọ̀n rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ọmọ náà ò lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́, bóyá gémù ti borí gbogbo nǹkan tó kù, àti bóyá kò jáwọ́ bó tilẹ̀ ń ṣàkóbá fún un. Ó sì gbọ́dọ̀ ti ba ilé ìwé tàbí àárín òun àti ará ilé jẹ́ gidi, fún bí oṣù 12, àyàfi tó bá le kọjá bẹ́ẹ̀.

Ká ní ọmọ ọdún 15 kan wà ní Ṣùúrùlérè, tí iná bá ti dé báyìí, fóònù ló kù. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó ń sùn, máàkì rẹ̀ ò wálẹ̀, tí wọ́n bá pè é ní bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, á dìde. Ó kàn fẹ́ràn gémù jù ni. Ẹ wá wò ó tó bá ń fi owó ọkọ̀ ra dátà, tó ń sùn ní kíláàsì, tó ti pa bọ́ọ̀lù tì, tó sì sọ fúnra rẹ̀ pé òun fẹ́ dín in kù àmọ́ kò ṣeé ṣe. Ìyẹn ti kúrò ní eré.

Àṣìṣe kejì ni jíjá fóònù gbà láàárín máàtì. Gémù tó ń bá àwọn ẹlòmíì gbá lórí dátà kò ṣeé dá dúró. Tó bá já a, ó ti já àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kulẹ̀, ipò rẹ̀ lè wálẹ̀. Ẹnikẹ́ni á bínú, ìbínú yẹn kì í ṣe ẹ̀rí àìsàn.

Ìgbà tí kò sí gémù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni kí ẹ jókòó sọ ọ́. Ẹ bi í pé ìṣẹ́jú mélòó ni máàtì kan ń gbà, kí ẹ fi máàtì ṣàdéhùn dípò aago: méjì lọ́jọ́ ilé ìwé, kò sí tuntun lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, fóònù á sùn sí pálọ̀.

"Mọ́mì, tí wọn ò bá múná wá títí di aago mẹ́wàá ńkọ́?"

"Máàtì yẹn á di ti Sátidé. Aago oorun ò ní yẹ̀."

Ó gbà, torí ẹ ò gba máàtì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tún jókòó yẹ̀ ẹ́ wò. Òbí tó ń wo fídíò lórí ibùsùn títí di òru, kó má retí pé àdéhùn náà á dúró.

Tí ọmọ bá fara mọ́ àdéhùn tí kò lè pa á mọ́, tí ilé ìwé sì ń bàjẹ́ lọ, ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá ń rí àwọn ọ̀dọ́. Ẹ má kàn sọ fún dókítà pé ó ń gbá gémù jù. Ẹ sọ ohun tó ti pa tì, bó ṣe ń sùn, àti bóyá inú rẹ̀ ti ń bàjẹ́ kí gémù tó pọ̀ tó báyìí, torí nígbà mìíràn ìbànújẹ́ ló kọ́kọ́ dé, gémù ni ọmọ sá lọ bá.