Bí mo ṣe wá ìgbésẹ̀ tó ń sọnù lára ẹ̀rọ agbẹ́gi Alàájì

Ìlẹ̀kùn aláwẹ́ méjì ló gbé mi dé ibẹ̀. Alàájì, káfíńtà kan tí mo máa ń bá tún ẹ̀rọ ṣe, fi ẹ̀rọ agbẹ́gi tí kọ̀ǹpútà ń darí gbẹ́ ìtàkùn sára ìlẹ̀kùn náà, ó yẹ kí ìtàkùn ọ̀hún gba ara awẹ́ kan bọ́ sí ara ìkejì. Nígbà tó pa awẹ́ méjèèjì pọ̀, ìtàkùn ò pàdé ìtàkùn. Wọ́n fi mìlímítà kan yẹ ara wọn sílẹ̀, ojú sì rí i láti ẹnu ọ̀nà.

Kí n tó gbé àpò irinṣẹ́ kalẹ̀ ni Alàájì ti dájọ́: “Ẹnjiníà, bá mi yọ mọ́tò wọ̀nyí dànù, kí o fi sẹ́fò sí i. Wọ́n ní sẹ́fò kì í ṣìnà.”

Mo ní, “Alàájì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọn ibi tó ń ṣìnà ná, sà.”

Mọ́tò tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń wọ̀ lójú títì o, èyí tí iná ń yí ni. Sítẹ́pà ni ti Alàájì, irú tí wọ́n ń pè ní Nema 23. Ìgbésẹ̀ 200 ni sítẹ́pà yìí fi ń yípo lẹ́ẹ̀kan, dígírì 1.8 ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó so mọ́ sùkúrù gígùn tó ń ti orí ẹ̀rọ lọ bọ̀, bí sùkúrù náà bá yí lẹ́ẹ̀kan, orí ẹ̀rọ á rin mìlímítà 5. Bọ́ọ̀dù tó ń darí rẹ̀ á rán àmì iná, mọ́tò á gbé ẹsẹ̀. Á tún rán òmíràn, á tún gbé e. Kò sí ẹni tó ń wẹ̀yìn wò bóyá ó gbé e lóòótọ́. Bọ́ọ̀dù kàn gbà pé ó gbé e ni.

Mo gbé gééjì olójú aago, èyí tó ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, ti orí ẹ̀rọ náà níbi X10, ìyẹn mìlímítà 10 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà rẹ̀. Mo sún un sí odo. Lẹ́yìn náà mo ní kí ẹ̀rọ sáré lọ, kó sáré bọ̀, ìgbà ogún:

```
G0 X400
G0 X10
```

Apá ọ̀tún nìkan ni mo jẹ́ kó ti máa padà wá bá gééjì, kí àlàfo tó bá wà nínú nọ́ọ̀tì sùkúrù má baà da ìwọ̀n rú. Ìgbà mẹ́fà àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ padà sí odo géérégé. Ní ìgbà keje, ó dúró sí 0.10. Ibẹ̀ ló ń padà sí títí di ìgbà kejìlá. Ìgbà kẹtàlá, 0.30. Nígbà tó fi di ogún, 0.40.

Iye yẹn ló tú àṣírí. Wò ó: 0.10, 0.30, 0.40. Kò sí 0.07, kò sí 0.23. Nínú sítẹ́pà, ìdì wáyà méjì ló ń gba iná, ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni mọ́tò sì máa gbé kí iná inú wọn tó padà rí bó ṣe rí níbẹ̀rẹ̀. Bí ẹrù bá wúwo ju agbára mọ́tò lọ lẹ́ẹ̀kan, tí irin inú rẹ̀ yọ̀ kúrò lẹ́yìn iná, kò lè di nǹkan mú níbòmíràn àfi ní ibi tó jọ ibi tó ti yọ̀, ìyẹn ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí i. Bí ṣéènì kẹ̀kẹ́ ni: bó bá máa fò, odindi eyín ló máa fò, kì í fo ààbọ̀. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin jẹ́ dígírì 7.2, lórí sùkúrù yìí ó sì jẹ́:

```
7.2 / 360 × 5 = 0.1 mm
```

Ká ní àlàfo nọ́ọ̀tì ló fà á, iye kan náà ni ì bá máa yẹ̀ nígbà gbogbo, ìgbà tí ẹ̀rọ bá yíjú padà nìkan ni ì bá sì hàn. Ká ní ìṣirò ìgbésẹ̀ sí mìlímítà ló ṣì, àṣìṣe náà ì bá máa pọ̀ bí ọ̀nà bá ṣe ń jìn sí, á sì padà sí odo nígbà tí ẹ̀rọ bá padà sílé. Ti Alàájì ń fi 0.1 fò, kì í sì í padà. Mọ́tò ń sọ ìgbésẹ̀ nù.

Ohun tó fà á ò ṣòro rí. Ẹni tó to ẹ̀rọ náà gbé ìsáré rẹ̀ sí mìlímítà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ni pé sùkúrù ń yí ní ìgbà 600 láàárín ìṣẹ́jú kan. Agbára sítẹ́pà pọ̀ jù nígbà tó bá dúró. Bó bá ṣe ń sáré sí ni agbára ń tán, torí iná ò tètè ráyè wọ inú wáyà kí ìgbésẹ̀ mìíràn tó dé. Fóòtì 24 lásán ni wọ́n sì fi ń bọ́ ọ. Fi ìyẹ̀fun igi tó ti dì mọ́ réèlì kún un. Mo nu réèlì, mo fi òróró sí i, mo sì dín $110 kù sí 1500, ìyẹn ààlà ìsáré nínú Grbl, ètò tó ń ṣiṣẹ́ nínú bọ́ọ̀dù. Mo tún sá a lọ bọ̀ nígbà ogún, abẹ́rẹ́ ò kúrò ní odo.

Ẹlòmíràn ì bá gba owó iṣẹ́ rẹ̀ kó máa lọ. Ṣùgbọ́n Alàájì ní ìlẹ̀kùn kan tó ń gbà á ní wákàtí mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ò gbọ́dọ̀ di iṣẹ́ ọjọ́ kan, pé kí n padà sórí ọ̀rọ̀ sẹ́fò.

Mo jókòó ṣàlàyé fún un. Sẹ́fò ò ní ìgbésẹ̀ nínú ara rẹ̀ rárá. Bí o bá yọ ẹnkódà ẹ̀yìn rẹ̀, ohun kékeré tó ń ka bí mọ́tò ṣe ń yí, kò mọ ibi tó wà. Ẹnkódà ló ń sọ fún díráífà, àpótí tó ń fún mọ́tò ní iná, pé “ibí ni mo dé”, díráífà á fi wé ibi tí bọ́ọ̀dù ní kó dé, á sì fún un ní iná tó tó àlàfo tó kù. Agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀ láti ìdúró títí dé ìgbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn dára gan-an fún ẹ̀rọ tó ń sáré jìnnà. Lórí sùkúrù Alàájì, ìgbà 3000 á jẹ́ mítà 15 ní ìṣẹ́jú kan, bíìtì wo ló fẹ́ fi gbẹ́ igi bẹ́ẹ̀? Sẹ́fò tún ní ìṣòro ti ara rẹ̀: bí wọn ò bá tún un ṣe bá ìwúwo ẹ̀rọ, á máa gbọ̀n lójú kan bí ẹni òtútù mú, nítorí ó ń kọjá ibi tó yẹ, ó ń padà, ó tún ń kọjá. Sítẹ́pà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá dúró, ó dúró gbọn-in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ á gbóná.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò sì mọ̀ ni pé sítẹ́pà tí kò sọ ìgbésẹ̀ nù péye. Àṣìṣe ìgbésẹ̀ kan kì í sábà ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ, kì í sì í ṣù jọ láti ìgbésẹ̀ kan sí èkejì. Lórí ẹ̀rọ yìí, ìyẹn ò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Igi fúnra rẹ̀ ń wú jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà òjò. Ìpéye kọ́ ló kù fún Alàájì, ẹ̀rí ló kù: kí ẹnì kan máa wo ẹ̀yìn mọ́tò.

Bí a ṣe fẹnu kò sí sítẹ́pà tó ní ẹnkódà nìyẹn, pẹ̀lú díráífà tirẹ̀ àti iná fóòtì 48. Ẹnkódà náà ń ka àmì 4000 ní yíyípo kan. Mo gbé súwíìṣì ara díráífà sí àmì iná 1600 fún yíyípo kan, 1600 pín sí 5 jẹ́ àmì 320 fún mìlímítà kan, iye tó ń lọ sí $100, mo sì padà sí ìsáré àtijọ́:

```
$100=320
$110=3000
```

Mo tan iná, mo ní kó rìn díẹ̀. Mọ́tò ta kìjí lẹ́ẹ̀kan, iná pupa díráífà ń ṣẹ́jú, ó dákẹ́. Ọmọ iṣẹ́ ní mọ́tò ti jóná. Kò jóná. Èmi ni mo pààrọ̀ wáyà ìdì kan sí òdì, ni mọ́tò bá ń yí sọ́tùn-ún tí ẹnkódà ń ròyìn òsì. Bí díráífà ṣe ń gbìyànjú láti tún un ṣe ni àṣìṣe ń pọ̀ sí i, títí ó fi kọjá ààlà. Mo yí wáyà méjì ìdì yẹn padà, ó sì rìn. Mo tún gba wáyà ẹnkódà jìnnà sí wáyà sípíńdù, mọ́tò tó ń yí bíìtì, torí ariwo iná sípíńdù lè kó àmì èké sínú ìkà rẹ̀.

Wáyà kan wà tí àwọn tó ń tò ó máa ń fò: wáyà ìkìlọ̀ díráífà. Bọ́ọ̀dù Grbl ò mọ̀ pé ẹnkódà wà láyé. Díráífà nìkan ló ń rí i. Bí ẹrù bá ju agbára mọ́tò lọ, díráífà á dáwọ́ dúró, bọ́ọ̀dù á sì máa gbẹ́ lọ nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan. Mo so ìkìlọ̀ náà mọ́ ẹnu ìdádúró bọ́ọ̀dù, A0. Láti dán an wò, mo di igi mọ́ réèlì ní ojú ọ̀nà, mo ní kó sáré lu ú. Ẹ̀rọ dúró, ojú kọ̀ǹpútà sì gbé `ALARM:3` jáde, ìyẹn ni pé wọ́n dá ẹ̀rọ dúró lórí ìrìn. Igi kan bà jẹ́, ìlẹ̀kùn ò bà jẹ́.

Ìgbà ogún lọ bọ̀ ní 3000: abẹ́rẹ́ ò kúrò ní odo ju ìlà kan lọ. Alàájì rẹ́rìn-ín. Ni mo bá ní kí ẹ̀rọ rin 0.1 sọ́tùn-ún, kó sì padà 0.1. Gééjì ní 0.06 péré ló lọ, 0.06 péré náà ló sì padà.

“Ẹnjiníà, ẹnkódà tí mo rà ńkọ́?”

Ẹnkódà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, sà. Ẹ̀yìn mọ́tò ló wà. Ó rí i pé mọ́tò padà, ó sì ròyìn òótọ́. Àlàfo 0.04 tó wà láàárín nọ́ọ̀tì àti sùkúrù wà níwájú mọ́tò, níbi tí ojú rẹ̀ ò dé. Bí ìdè kọ́pílìn tó so mọ́tò mọ́ sùkúrù bá tú tí sùkúrù ń yọ̀, ẹnkódà yìí á ṣì máa sọ pé dáadáa ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ rí ìyẹn, àfi kó lẹ òṣùwọ̀n mọ́ ara réèlì fúnra rẹ̀, owó ìyẹn ò sì kéré. Fún igi, mo ní ká pààrọ̀ nọ́ọ̀tì sí èyí tí wọ́n fún pọ̀. Ó gbà, àlàfo sì wá sí 0.01.

Ọjọ́ kẹta, ọmọ iṣẹ́ pè mí. Nẹ́pà mú iná ní àárín iṣẹ́. Nígbà tí iná dé, ó tẹ “máa lọ”, torí ó gbọ́ pé ẹnkódà mọ ibi tí ẹ̀rọ wà. Irú tiwa ò mọ̀ ọ́n. Ìrìn ló ń kà, kì í ṣe ibùjókòó: bí iná bá ti lọ, odo ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó tẹ `$H`, kí ẹ̀rọ lọ fọwọ́ kan súwíìṣì ìpẹ̀kun, lẹ́yìn náà kó tún odo iṣẹ́ mú lára igi kó tó tẹ ohunkóhun mìíràn. Ó fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ sára ògiri lókè ẹ̀rọ.