"Mọ́mì, Ó Ti Di Gírínì": Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Aago Tó Ń Sọ fún Ọmọdé Pé Ilẹ̀ Ti Mọ́

Ọjà ọmọdé ni mo ń tà ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta níbí. Láti ìgbà tí mo ti ń ta aago yìí, èyí tó máa ń tan iná pupa lóru tí í sì í di gírínì nígbà tí ọmọ lè dìde, kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í pè mí pé kò ṣiṣẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó pè.

Àǹtí, ìrọ̀lẹ́ ni tiwa ń di gírínì.

PM ni ẹ fi sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí AM á fi hàn.

Ọmọ mi ti pé ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, kò tiẹ̀ wojú aago náà.

Kò tíì dàgbà tó. Ẹ gbé e pamọ́ di ìgbà tó bá ń lọ sí ọdún méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta, tó bá ti mọ pupa yàtọ̀ sí gírínì, tí ẹ sì lè sọ fún un pé "dúró ná" kó dúró díẹ̀. Mo máa ń sọ èyí ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn èèyàn á ní ọmọ tàwọn gbọ́n ju ọjọ́ orí ẹ̀ lọ.

Iná rẹ̀ ń mọ́lẹ̀ jù, ọmọ ò lè sùn.

Ẹ dín in kù. Iná pupa tó rọra tàn ni kẹ́ ẹ lò lóru. Tí tiyín bá ní iná funfun tàbí búlúù, ẹ pa ìyẹn, torí àwọn iná yẹn ló máa ń lé oorun lọ jù.

6:30 la fi sí, ṣùgbọ́n 5:20 ló ń jí, á wá máa sunkún títí.

Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́ta fi tẹjú mọ́ iná pupa. Èmi àtẹ̀yin, ta ló lè ṣe é?

Ibi tí ọmọ wà ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi gírínì sí 5:25. Á jí, á rí pupa, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà á di gírínì, ẹ̀yin náà á sì wọlé lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ohun tó ń kọ́ nìyẹn: pé bí gírínì bá ti dé, Mọ́mì náà á dé. Tó bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sún un síwájú lẹ́ẹ̀kan lọ́jọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Láti 5:25 dé 6:30, bí ìsúnsíwájú méje ni, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí ẹkún bá bẹ̀rẹ̀ níbì kan, ẹ dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ sì tún ṣírò oorun rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta nílò wákàtí mẹ́wàá sí mẹ́tàlá láàárín ọ̀sán àti òru. Ẹni tó sùn ní 7:00 alẹ́, tó sì ti sun wákàtí méjì lọ́sàn-án, ti sùn yó ní 5:00. Aago ò lè fi oorun kún oorun. Àkùkọ àti ìpè àsùbáà náà á jí i. Ohun tí aago ń ṣe kò ju kó sọ ohun tí ọmọ máa ṣe lẹ́yìn tó bá ti jí.

Tiwa ń di gírínì láàárín òru. Nígbà míì, á di mẹ́jọ àárọ̀, pupa ṣì ni. Oníṣẹ́ aago ní kò sí ohun tó ṣe é.

Ẹ jókòó. Èyí fi ojú èmi fúnra mi rí màbo.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi obìnrin wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń fa aṣọ tí mo fi bora. "Mọ́mì, ó ti di gírínì." Mo wo fóònù mi: 1:30 òru. Mo jágbe mọ́ ọn, mo mú un padà. Ó sáà ń nawọ́ sí aago náà, omi lójú ẹ̀. Mo wò ó: gírínì ni lóòótọ́. Ohun tí mo kọ́ ọ ló ṣe, èmi ni mo pariwo lé e lórí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo jí ní mẹ́jọ, mo bá a lórí ibùsùn, ó fún itan pọ̀, ó ń mú ìtọ̀ mọ́ra, torí pé pupa ni. Mo gbé aago náà lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ aago ní Láfẹ́nwá. Ó fi sínú iná, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ó gba owó lọ́wọ́ mi.

Ohun tó là mí lójú ni pé mo rántí ohun tí aago náà ń kà lóru ọjọ́ yẹn. Ní 1:30 gan-an, 6:30 ló wà lójú ẹ̀. Ó fi wákàtí márùn-ún ṣíwájú. Mo wá ronú padà: iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, aago méje alẹ́ ló dé. Bí iná ṣe dé, aago náà bẹ̀rẹ̀ kíkà látorí 12:00 AM. Méje alẹ́ ló di òru fún un, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ó tan gírínì. Ti ọjọ́ kẹta náà, 4:10 ìdájí ni iná dé. Nígbà tó fi máa di mẹ́jọ, 3:50 ló wà lójú tiẹ̀. Ká ní a ò fọwọ́ kàn án, 10:40 ni ì bá di gírínì.

Ṣùgbọ́n bátìrì kékeré wà nínú ẹ̀ tó yẹ kó máa rántí àkókò. Mo fi sukurudíráfà tú ìdí ẹ̀: ọ̀rá pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dí bátìrì náà láti ilé iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀! A kò fà á yọ rí. Ẹ lọ wo tiyín báyìí. Tí ẹ bá ti fà á, ẹ to aago sí bó ṣe yẹ, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ dá a padà. Tó bá ń ka àkókò tó tọ́, ó ti tán. Tó bá padà sí 12:00, bátìrì náà ti kú.

Bátìrì kékeré yẹn ò lè tan iná o, ó kàn ń rántí àkókò ni. Tí kò bá sí iná ní 6:30, kò sí pupa, kò sí gírínì. Mo so tèmi mọ́ páwà báǹkì, páwà báǹkì náà pa ara ẹ̀ kó tó di ọ̀gànjọ́. Mo rò pé ó ti bàjẹ́, mo ra òmíràn, ìyẹn náà pa ara ẹ̀. Aṣé iná tí aago náà ń fà ti kéré jù, páwà báǹkì á rò pé fóònù ti kún. Ní báyìí, èyí tó ń lo bátìrì tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tàbí èyí tí wọ́n ń ṣáàjì lọ́sàn-án nìkan ni mò ń tà.

Kí ọmọ tó tún gba aago náà gbọ́ ṣòro. Mo bẹ ọmọ mi pé òun ló tọ̀nà, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ń jí, bí ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà wá.

Ìyá ọkọ mi ló máa ń gbé e dìde ní pupa, ó ní ọmọ ń sunkún.

Ẹ fún màmá ní iṣẹ́ kan: kí àwọn fúnra wọn máa wá kígbe "ó ti di gírínì!" láràárọ̀. Ẹ má bá wọn jiyàn.

A ti ṣe gbogbo ẹ̀, ó ṣì ń jí léraléra, á sì máa han-run bí àgbàlagbà.

Aago kọ́ nìyẹn. Tó bá ń han-run lóòrèkóòrè, tó ń fi ẹnu mí, tàbí tí èémí ẹ̀ ń dáwọ́ dúró díẹ̀ lójú oorun, ẹ gbé e lọ rí dókítà.

Ọmọ ti tú ìdí aago. A ò rí bátìrì kékeré yẹn mọ́.

Ẹ má pè mí. Ó lè ti gbé e mì. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà báyìí báyìí, kódà tó bá ń ṣeré. Láàárín wákàtí méjì, bátìrì náà lè jó ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ má mú kó bì, ẹ má fún un lóúnjẹ.