Mẹ́ṣì ni mo yàn, nódù ló yẹ kí n lò: ìbéèrè síọ́kíìtì tó jẹ mí ní máàkì 12

Máàkì 3 nínú 15 ni mo gbà, inú sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, torí mo kàwé fún ìdánwò náà. Ọ̀nà méjì tí a fi ń yanjú síọ́kíìtì ni wọ́n: nódù ń wá fóltì ibi tí àwọn wáyà ti pàdé, mẹ́ṣì ń wá kọ́rẹ́ǹtì. Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì ni pé mẹ́ṣì yá ju nódù lọ: fa kọ́rẹ́ǹtì kan yí inú fèrèsé kọ̀ọ̀kan tí àwọn wáyà ṣe ká, kọ ìdọ́gba rẹ̀, ó parí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa ohun tí a máa ṣe bí orísun kọ́rẹ́ǹtì bá jókòó sórí ògiri tó wà láàárín fèrèsé méjì.

Bí síọ́kíìtì náà ṣe rí nìyí. Wáyà ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀. Lápá òsì, orísun 20 V gba inú 4 Ω dé nódù A. 10 Ω kan sọ̀ kalẹ̀ láti A sí ilẹ̀, 5 Ω sì so A mọ́ B. Orísun kọ́rẹ́ǹtì ń ti 1.5 A láti ilẹ̀ gòkè wọ B. Lápá ọ̀tún pátápátá, 10 Ω mìíràn àti orísun 10 V tò tẹ̀lé ara wọn láti B sí ilẹ̀. Orísun fóltì méjèèjì kọ ojú pọ́sítíìfù sókè. Wọ́n ní ká wá kọ́rẹ́ǹtì tó ń gba inú 10 Ω tó wà lábẹ́ A.

Fèrèsé mẹ́ta ni mo rí, mo fún wọn ní i1, i2 àti i3, gbogbo wọn ń yí bí ọwọ́ aago. Ti àkọ́kọ́ kò yọ mí lẹ́nu. Nígbà tí mo yí ìkejì dé ibi orísun kọ́rẹ́ǹtì, mo wò ó pé kò sí fóltì tí wọ́n kọ sí i lára, ni mo bá kọ òdo. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ti wọ́. Mo rí i1 = 2.73, i2 = 1.82, i3 = -1, mo sì kọ 0.91 A sílẹ̀.

Ara mi kò gbà á. Orísun yẹn ń ti 1.5 A gòkè, nítorí náà i3 - i2 gbọ́dọ̀ jẹ́ 1.5. Tèmi jẹ́ -2.82! Ìṣẹ́jú 25 ni mo fi ń wá àṣìṣe yìí. Mo yẹ àmì ìyọkúrò wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo yí i2 padà sí òdìkejì, mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ohun kan náà ló ń jáde. Àmì kọ́ ló ní ìṣòro. Orísun kọ́rẹ́ǹtì máa ń pinnu kọ́rẹ́ǹtì nìkan. Fóltì tó wà lára rẹ̀ ọwọ́ ìyókù síọ́kíìtì ló wà, kì í sì í ṣe òdo bí kò bá ṣe pé ó ṣèèṣì bọ́ síbẹ̀. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá pa fèrèsé kejì àti ìkẹta pọ̀, kí n yí ẹ̀yìn àwọn méjèèjì ká láìfẹsẹ̀ kan orísun yẹn, kí n wá fi i3 - i2 = 1.5 ṣe ìdọ́gba tó kù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi nódù ṣe é. Kọ́rẹ́ǹtì tó ń jáde ní A, lẹ́yìn náà ti B:

```
(VA-20)/4 + VA/10 + (VA-VB)/5 = 0
(VB-VA)/5 + (VB-10)/10 = 1.5
```

Ó di 11VA - 4VB = 100 àti 3VB - 2VA = 25. VA jẹ́ 16 V, VB jẹ́ 19 V. Ìdáhùn náà ni 16/10, ìyẹn 1.6 A. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́fà, inú mi sì dùn gan-an. Ẹ wo 19 V yẹn dáadáa: òun gan-an ni fóltì tí mo pè ní òdo.

Ẹ̀gbọ́n kan ní yàrá kejì ní kí n máa ka ohun tí n kò mọ̀ kí n tó yàn. Mo kà á: nódù méjì, A àti B, mẹ́ṣì mẹ́ta, orísun kọ́rẹ́ǹtì sì yọ ọ̀kan kúrò, ó ku méjì. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ọgbọọgba ni wọ́n.” Wọ́n ní bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí n wo ibi tí àwọn orísun jókòó sí. Èyí ni mo ń lò báyìí. Orísun kọ́rẹ́ǹtì tó wà láàárín fèrèsé méjì ń ti mi sọ́dọ̀ nódù, torí níbẹ̀ nọ́ńbà kan lásán ló jẹ́ lápá ọ̀tún ìdọ́gba. Orísun fóltì tí òun àti résísítọ̀ tò tẹ̀lé ara wọn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì wà nílẹ̀, kò yọ nódù lẹ́nu rárá.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé òmíràn wá: orísun 12 V láàárín nódù méjì, láìsí résísítọ̀ tó tò tẹ̀lé e, kò sì sí ẹsẹ̀ rẹ̀ kankan nílẹ̀. Nódù kò mọ kọ́rẹ́ǹtì inú rẹ̀, àfi kéèyàn pa nódù méjèèjì pọ̀. Orísun kọ́rẹ́ǹtì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ wà ní etí ìta, nítorí náà mẹ́ṣì ẹ̀gbẹ́ yẹn ti ní ìdáhùn kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ṣì ni mo lò, mo sì gba gbogbo máàkì rẹ̀.