Ìkíni tó dójú ti ẹni tí a ń kí: àṣìṣe mi nígbà tí àbúrò mi jáde yunifásítì

Inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Bẹ́gà sí Kúbúwà ní Àbújá ni mo ti kọ ìkíni náà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá wa dúró, inú mi ń dùn pé àbúrò mi obìnrin parí ẹ̀kọ́ lókè ọya níbí, mo bá gbé e sórí Fesibúùkù kí n tó délé:

“Ẹ bá wa dúpẹ́! Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin tó di ọdún mẹ́fà ti parí. Pẹ̀lú gbogbo kàríófà, pẹ̀lú gbogbo ẹkún Màámi, pẹ̀lú gbogbo owó tí mo ná, Àbẹ̀kẹ́ wa ti gboyè!”

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti pè mí. Kò bínú, ohùn rẹ̀ kàn lọ sílẹ̀ ni. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ọ́. Wọ́n ti ń bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kàríófà mélòó ni.”

Ẹyọ kan péré ni. Ọdún kejì ló ti gbé e, ó sì tún un ṣe, ó yege. “Gbogbo” tí mo kọ, tí mo fi ń dárà, ló sọ ọ́ di púpọ̀. Ti ọdún mẹ́fà yẹn tún burú jù. Ní 2020, kòrónà ti ilé ìwé pa. Ní 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì dáṣẹ́ sílẹ̀ láti 14 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹwàá, oṣù mẹ́jọ gbáko. Mo dárúkọ ọdún, n kò dárúkọ ohun tó jẹ ẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé orí ọmọ náà ló kú. Àwọn kan máa ń sọ pé ìṣòro tí èèyàn là kọjá ló ń mú ògo rẹ̀ yọ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìtàn tirẹ̀ nìyẹn, òun ló ni ẹnu tí yóò fi sọ ọ́.

Ẹ tún un kà, ẹ ó rí àṣìṣe tó tóbi jù: Màámi sunkún, èmi náwó, Àbẹ̀kẹ́ kò ṣe nǹkan kan! Ìkíni ti di ìwé gbèsè.

Iṣẹ́ tí mo fojú ara mi rí ló yẹ kí n kọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ló kọ́ nípa wọn, omi kànga ní Gwàgwàládà ló sì fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀. Yóò bu omi sínú ìgò tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀, yóò kó o sínú kúlà oníyìnyín, ó sì gbọ́dọ̀ dé yàrá àyẹ̀wò lọ́jọ́ náà gan-an. Yóò tẹ́ ẹ sínú àwọn abọ́ pẹlẹbẹ, yóò gbé wọn sínú ẹ̀rọ tó ń móoru bí ara èèyàn fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, lẹ́yìn náà ni yóò máa ka àmì tóótòòtó tó bá hù níbẹ̀. Bí wọ́n bá pẹ́ jù níbẹ̀, àwọn àmì náà á lẹ̀ pọ̀, kò ní ṣeé kà mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń jí lọ lọ́jọ́ Àìkú. Mo fi ọkọ̀ gbé e lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbàgbé rẹ̀ pátápátá nígbà tí mo ń kọ̀wé.

Àṣìṣe kan tún wà níbẹ̀: kò tíì gboyè. Ìdánwò tó kẹ́yìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi máákà kọ̀wé sára aṣọ funfun rẹ̀. Èsì ṣì ń bọ̀, ìgbìmọ̀ àgbà yunifásítì ṣì máa fọwọ́ sí i, kí orúkọ tó lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣètò àgùnbánirọ̀. Bí èsì kan bá pẹ́, àwọn tó ti kí i yóò máa bi í pé kí ló dé tí kò tíì lọ sí kám̀pù. “O parí ìdánwò àṣekágbá” ti tó.

Ẹ má gbé fọ́tò ìwé tó ní ọjọ́ ìbí tàbí nọ́ńbà síta. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ tí ẹ ń pè é nílé, ẹ fi sílé. Oríkì rẹ̀ ló yẹ òde. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀gbọ́n lẹ ń kí, “ẹ kú oríire” ni, kì í ṣe “o”, pàápàá bí àwọn àna rẹ̀ bá wà níbẹ̀.

Mo pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, mo kọ òmíràn, mo sì fi ránṣẹ́ sí i lórí Wọ́ọ̀sáàpù ná kí ẹnikẹ́ni tó rí i:

“Àbẹ̀kẹ́, o kú iṣẹ́. Kànga méjìlá lo bu omi rẹ̀ ní Gwàgwàládà, o kò sì jẹ́ kí oorun ọjọ́ Àìkú ba abọ́ kan jẹ́. O parí ìdánwò àṣekágbá. Orí mi wú.”

Kò pẹ́ tó fi dáhùn: “Ẹ gbé e síta, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣùgbọ́n kànga mẹ́rìnlá ni o.”