To, Cc àti Bcc: ohun tí kò yẹ kẹ́ ẹ ṣe tẹ́ ẹ bá ń yan ẹni tí ímeèlì yín ń lọ bá

Yálà ẹ kọ àdírẹ́sì ẹnì kan sí To ni o, tàbí ẹ kọ ọ́ sí Cc, ọ̀kan náà ni lójú ẹ̀rọ. Lẹ́tà kan náà ló máa gbé dé ọ̀dọ̀ àwọn méjèèjì. Ohun tí ẹni tó gba lẹ́tà rò pé wọ́n ń retí lọ́wọ́ òun ni ìyàtọ̀ wà nínú rẹ̀, àti ibi tí èsì rẹ̀ máa gbà lọ. Ọ̀ràn èsì yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa kì í rò. A máa ń wo ẹni tó máa ka lẹ́tà, a kì í wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀kan nínú wọn bá tẹ Reply all. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ nìyẹn kó tó fọwọ́ kan ìlà kankan, torí ibẹ̀ ni gbogbo àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ti ń wá.

Ẹ má kó gbogbo èèyàn sí To

Ká ní ẹ fẹ́ kí wọ́n bá yín yẹ ìwé àdéhùn kan wò kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà sí agbẹjọ́rò, akápò àti olórí ẹ̀ka, gbogbo wọn ní To, ẹ wá ní: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ìwé yìí, kẹ́ ẹ sì fún mi lésì." Agbẹjọ́rò á rí orúkọ akápò, á ní ọ̀rọ̀ owó ló máa jẹ́. Akápò náà á rí orúkọ agbẹjọ́rò, á ní ọ̀rọ̀ òfin ni. Olórí ẹ̀ka á ní táwọn méjèèjì bá ti wò ó tán, òun á fọwọ́ sí i. Ọjọ́bọ̀ á dé, ẹnikẹ́ni ò ní tíì ṣí ìwé ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ṣe ìmẹ́lẹ́ nínú wọn.

Ẹni tí iṣẹ́ já lé léjìká ló ni To. Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní iṣẹ́ láti ṣe, kò burú kí wọ́n jọ wà níbẹ̀, àmọ́ kẹ́ ẹ dárúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀: agbẹjọ́rò ló máa wo ìpínrọ̀ kẹrin, akápò ló máa wo ọjọ́ tí owó máa jáde, olórí ẹ̀ka ló máa buwọ́ lù ú. Tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló máa pinnu, òun nìkan ni kó wà ní To, káwọn tó kù lọ sí Cc.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ẹ ti yan ìlà dáadáa kò le. Ẹ ka lẹ́tà yín látòkè délẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo ẹni tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ń bá wí. Tí kò bá sí gbólóhùn kankan tó ní kí ẹnì kan ṣe ohunkóhun, Cc ni ibùjókòó rẹ̀, tàbí kó má tiẹ̀ sí níbẹ̀ rárá. Tí ìbéèrè kan bá sì wà nínú lẹ́tà tó jẹ́ pé ẹni tó wà ní Cc lẹ̀ ń bi, ẹ gbé e wá sí To. Àwọn kan ti ṣètò àpótí lẹ́tà wọn kó máa ya gbogbo ohun tó bá bá Cc wọlé sọ́tọ̀. Outlook, bí àpẹẹrẹ, máa ń jẹ́ kéèyàn ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Ìgbà tọ́wọ́ wọn bá dilẹ̀ ni wọ́n ń wò ó, nígbà míì wọn ò sì ní wò ó rárá.

Ẹ má fi Cc halẹ̀ mọ́ èèyàn

Ẹnì kan jẹ yín ní èsì, ọjọ́ méjì péré ló sì tíì kọjá. Ẹ wá kọ lẹ́tà kejì, ẹ fi ọ̀gá rẹ̀ sí Cc. Èsì á dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá rẹ̀ ló máa dá lóhùn, kì í ṣe ẹ̀yin: àlàyé gígùn, àwáwí, àti àwọn lẹ́tà àtijọ́ tó máa hú jáde láti fi gbèjà ara rẹ̀. Òun náà á fi ọ̀gá tiyín sí Cc. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí òun nìkan. Tó bá wá di dandan kí ọ̀gá gbọ́, ẹ sọ ìdí ẹ̀ nínú lẹ́tà ní gbangba: "Mo fi ọ̀gá wa sí Cc torí àwọn ló máa fọwọ́ sí owó náà."

Èyí tó tún léwu jù ú lọ ni pé kéèyàn fi ẹni tuntun kún Cc nígbà tí ọ̀rọ̀ ti lọ jìnnà. Gbogbo lẹ́tà tẹ́ ẹ ti ń kọ síra yín látẹ̀yìn wá ló so mọ́ ìsàlẹ̀ lẹ́tà tuntun yẹn. Ẹ ti bá akápò sọ ọ́ lánàá pé iye tẹ́ ẹ dá fún oníbàárà kan ṣì ṣeé dín kù. Lónìí ẹ fi oníbàárà ọ̀hún sí Cc kó lè mọ ọjọ́ tí iṣẹ́ máa parí. Tó bá yí i lọ sísàlẹ̀, ó ti rí gbogbo rẹ̀. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ délẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi ẹni tuntun kún un, tàbí kẹ́ ẹ ṣí lẹ́tà mìíràn.

Ẹ má fi Bcc ṣe amí

Ká ní Fúnmi kọ lẹ́tà sí Kúnlé nípa iṣẹ́ kan tó pẹ́, ó fi Bísí sí Cc, ó sì yọ́ fi ọ̀gá wọn sí Bcc. Ohun tó máa hàn lórí lẹ́tà náà lọ́dọ̀ Kúnlé àti Bísí rèé:

```
From: funmi@example.com
To: kunle@example.com
Cc: bisi@example.com
```

Kò sí ọ̀gá níbẹ̀. Nígbà tí Fúnmi tẹ Send, àdírẹ́sì ọ̀gá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tó ń gbé lẹ́tà, kó lè mọ ibi tó máa já a sí, ṣùgbọ́n wọn ò kọ ọ́ sórí ẹ̀dà táwọn yòókù gbà. Gbogbo àṣírí Bcc kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, wàhálà méjì ló sì ń tibẹ̀ jáde.

Àkọ́kọ́ ni pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ rí orúkọ Kúnlé àti Bísí. Orí fóònù ló ti ń ka lẹ́tà, kò fura pé ìkọ̀kọ̀ lòun wà, ló bá tẹ Reply all: "Kúnlé, kí ló fà á tí iṣẹ́ yìí fi pẹ́?" Lójú ẹsẹ̀, Kúnlé àti Bísí ti mọ̀ pé Fúnmi ti ń jẹ́ kí ọ̀gá wo ẹ̀yìn wọn. Láti ọjọ́ náà lọ, tí Fúnmi bá kọ lẹ́tà, wọ́n á máa rò pé ẹnì kan tún wà ní kọ́rọ̀.

Ìkejì kì í pariwo, òun ló sì burú jù lójú mi. Ká ní ọ̀gá dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kúnlé tẹ Reply all, ó ṣàlàyé pé irinṣẹ́ tóun ń retí ni kò tíì dé, ó sì fi ìwé ẹ̀rí sí i. Ọ̀dọ̀ Fúnmi àti Bísí ni èsì yẹn ń lọ. Kò lè dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò sí lórí lẹ́tà tí Kúnlé ń fèsì sí. Ẹjọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni ọ̀gá gbọ́, á sì máa rò pé òun ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Tí Fúnmi bá rí i pé ó yẹ kí ọ̀gá mọ̀, kó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí Kúnlé, kó wá lọ sí Sent, kó Forward rẹ̀ sí ọ̀gá pẹ̀lú àlàyé tirẹ̀. Tí ọ̀gá bá fèsì sí i, Fúnmi nìkan ló máa rí i.

Ìgbà kan wà tí Bcc máa ń gbayì láàárín èèyàn díẹ̀. Tí Bísí bá fi ẹ̀yin àti ẹlòmíì mọra, ẹ gbé Bísí sí Bcc nínú èsì àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ jáde pé ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀. Á rí i pé ẹ ti dáhùn, àwọn lẹ́tà tó bá tẹ̀ lé e ò sì ní máa dí i lọ́wọ́.

Ẹ má gbọ́kàn lé Bcc tó bá jẹ́ pé àṣírí ni orúkọ àwọn èèyàn náà

Tẹ́ ẹ bá ń kọ̀wé sí ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọn ò mọra, Bcc ló yẹ wọ́n, kẹ́ ẹ sì kọ àdírẹ́sì tiyín sí To. Reply all tí ẹnì kan bá tẹ̀ níbẹ̀ kò ní kọjá ọ̀dọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọwọ́ ṣe lè tètè ṣì í. Ní February 27, 2017, òṣìṣẹ́ kan nínú ìgbìmọ̀ IICSA, tó ń ṣèwádìí ìbálòpọ̀ tí wọ́n fipá bá àwọn ọmọdé ní ní England àti Wales, fi Bcc kọ̀wé sí 90 èèyàn nípa ìpàdé kan. Ó ṣe é bó ṣe yẹ. Ó wá rí i pé àṣìṣe kan wà nínú lẹ́tà náà, ló bá kọ àtúnṣe. Inú àtúnṣe yìí ló ti kó gbogbo àdírẹ́sì sí To. Àwọn tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fojú winá ìwà ìkà yìí wá ń rí orúkọ ara wọn. Ìgbìmọ̀ náà kọ̀wé pé kí wọ́n pa lẹ́tà ọ̀hún rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ yìí sì fa Reply all 39. Ní July 2018, ICO, àjọ tó ń mójú tó ààbò ìsọfúnni nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bu owó ìtanràn £200,000 lé wọn.

Ní September 2021, iléeṣẹ́ ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kó àdírẹ́sì 245 àwọn ará Afghanistan tó ń wá ọ̀nà àtisá kúrò nílùú sí To. Èèyàn méjì tẹ Reply all, ọ̀kan nínú wọn sì sọ ibi tó wà.

Tó bá jẹ́ pé wíwà tí orúkọ ẹnì kan wà láàárín àwọn èèyàn náà ti tú àṣírí rẹ̀, bí aláìsàn tàbí ẹni tó wá fẹjọ́ sùn, ẹ lo ètò tó máa ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, irú Mail Merge tó wà nínú Word. Níbẹ̀, kò sí ìlà tí ọwọ́ lè ṣì sí, torí orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ní ti lẹ́tà tó bá ti ṣì lọ, ẹ má tẹ Reply all láti tọrọ àforíjì, torí ńṣe lẹ̀ ń tún àdírẹ́sì wọn pín kiri lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ ṣí lẹ́tà tuntun, ẹ fi gbogbo wọn sí Bcc. Ẹ má sì retí pé ẹ máa rí i gbà padà: Recall tó wà nínú Outlook kì í sábà ṣiṣẹ́ tí lẹ́tà bá ti bọ́ sóde iléeṣẹ́ yín. Undo Send ti Gmail kì í ju ìṣẹ́jú àáyá 5 lọ téèyàn ò bá yí i padà. Inú Settings lẹ ti máa sọ ọ́ di 30. Ohun tí mo sì máa ń ṣe ni pé mo máa ń fi To, Cc àti Bcc sílẹ̀ lófìfo títí màá fi kọ lẹ́tà tán, torí lẹ́tà tí kò ní àdírẹ́sì, bí ọwọ́ bá tiẹ̀ ṣèèṣì kan Send, kò ní lọ.