Bí a ṣe ń tọ́jú nọ́ńbà àti fótò kọ́sítọ́mà ní ṣọ́ọ̀bù irun àti mékọ́ọ̀pù

Ọjọ́rú ni ìyàwó ojú ọ̀nà kan wá dán mékọ́ọ̀pù wò lọ́dọ̀ mi, Sátidé ni ìgbéyàwó. Ojú yẹn jáde gan-an ni, mo ya fótò ẹ̀, mo sì jù ú sí sítétọ́ọ̀sì Wásáàpù mi kó tó délé. Mi ò bi í léèrè. Àṣé àbúrò ọkọ ẹ̀ ní nọ́ńbà mi, ó yà á sórí fóònù tiẹ̀, ó jù ú sí gúrúùpù ẹbí wọn, kílẹ̀ ó tó ṣú gbogbo ilé ọkọ ti rí gèlè àti ojú tí ìyàwó fẹ́ fi yọ sí wọn ní Sátidé. Ó pè mí, kò tiẹ̀ pariwo, ó kàn ní "Àǹtí, ẹ ò mà bi mí." Mo sáré pa á rẹ́, àmọ́ èyí tó ti wọ gúrúùpù ẹbí ti kọjá agbára mi.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ní bí mo ṣe ń ṣe é, òun ni mo fẹ́ tò síbí. Fóònù Áńdírọ́ọ̀dù ni mo ń lò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Áífóònù, orúkọ bọ́tìnnì lè yàtọ̀ díẹ̀ ṣá.

Nọ́ńbà lákọ̀ọ́kọ́

Ẹ wo ìwé tó wà lórí tábìlì yín ná, èyí tí kọ́sítọ́mà ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà sí tó bá fẹ́ gba ààyè. Ẹni tó bá fẹ́ kọ tiẹ̀ máa rí nọ́ńbà gbogbo àwọn tó kọ ṣáájú ẹ̀, ó sì lè fi fóònù yà á láàárín ìṣẹ́jú kan tẹ́ ẹ fi lọ bu omi. Ẹ gbé ìwé yẹn sínú dúrọ́ọ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ máa kọ nǹkan sí i, kọ́sítọ́mà á pe nọ́ńbà ẹ̀ fún yín. Tí èrò bá pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, kó má pè é sókè, kó kàn fi fóònù tiẹ̀ tẹ̀ yín láago, ó parí.

Tó bá di orí fóònù, ẹ lọ ṣí àkáǹtì Gúgù tuntun fún iṣẹ́ nìkan, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa sefù nọ́ńbà kọ́sítọ́mà sí, ẹ má sefù ẹ̀ sórí síìmù. Èyí tó wà lórí síìmù, bí síìmù bá lọ òun náà lọ nìyẹn, ẹni tó bá sì rí síìmù yẹn he lè kì í bọnú fóònù míì kó ka gbogbo ẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá fi píìnì sí i. Tẹ́ ẹ bá ń sefù ẹ̀, fóònù máa bi yín pé ibo, ẹ mú àkáǹtì iṣẹ́ yẹn.

Orúkọ tẹ́ ẹ máa fi sefù ẹ̀ wá ńkọ́? Mo mọ̀ wá, a máa ń sefù èèyàn sí "Màmá Lápálápá" tàbí "Àǹtí Iwájú Orí Pípá". Lọ́jọ́ tó bá pè tí fóònù wà lórí tábìlì, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á kà á. Orúkọ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ, bóyá kẹ́ ẹ fi oṣù tó kọ́kọ́ wá kún un, ó tó. Bí gúlúù ìpéǹpéjú bá máa ń mú ojú ẹ̀ wú, ó yẹ kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbì kan o, torí ẹ ò gbọ́dọ̀ gbàgbé, àmọ́ inú ìwé inú dúrọ́ọ̀ ni kó wà. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, òfin ilẹ̀ wa náà kà á mọ́ àwọn nǹkan tó gba ìṣọ́ra jù.

Ọmọ iṣẹ́ ńkọ́? Kó má fi fóònù tiẹ̀ pe kọ́sítọ́mà, kó má sì fi ya fótò. Fóònù kékeré kan ni mo rà fún ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ló ń sùn, òun ni gbogbo wa ń lò. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ti gba fírídọ́ọ̀mù rí, ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀ làwọn kọ́sítọ́mà bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ta ló fún un ní nọ́ńbà àwọn. Kì í ṣe olè, orí fóònù ẹ̀ náà ni wọ́n ṣáà wà látọdún tó ti ń bá mi pè wọ́n.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ò ronú sí ni áàpù ẹ̀yáwó. Ẹ rántí bí àwọn kan nínú wọn ṣe ń gba gbogbo nọ́ńbà inú fóònù èèyàn, tí owó bá pẹ́ díẹ̀ wọ́n á máa fi mẹ́sééjì ìtìjú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọ̀, ọ̀rọ̀ yẹn le débi pé FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, gbé ìlànà jáde lórí àwọn ẹ̀yáwó orí fóònù lọ́dún 2022. Tó bá jẹ́ fóònù iṣẹ́ lẹ fi yá a, kọ́sítọ́mà yín ni wọ́n máa kọ ìkọkúkọ sí. Torí náà kò sí áàpù ẹ̀yáwó lórí fóònù iṣẹ́ rárá. Èyíkéyìí áàpù míì tó bá ní òun fẹ́ rí "Contacts", kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Gémù ló ń béèrè nọ́ńbà kọ́sítọ́mà? Ẹ tẹ "Don't allow".

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ polówó, ẹ má kó kọ́sítọ́mà jọ sí gúrúùpù Wásáàpù láìbéèrè, torí olúkúlùkù wọn ló máa rí nọ́ńbà èkejì. Bùrọ́díkáàsì ni kẹ́ ẹ lò, á dé bá kálukú bíi pé òun nìkan lẹ kọ ọ́ sí. Ẹni tó bá ti sefù nọ́ńbà yín nìkan ló sì máa rí i gbà, èyí tẹ́ ẹ rò pé ó burú yẹn, èmi fẹ́ràn ẹ̀, ẹni tí ò sefù mi kò fẹ́ gbọ́ tèmi nìyẹn.

Ẹ béèrè, kí ìdáhùn sì wà ní kíkọ

"Ṣé kí n yà yín?" àti "Ṣé kí n gbé e síta?" kì í ṣe ìbéèrè kan náà o. Ẹni tó rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà lè rò pé òun lẹ fẹ́ fi fótò ránṣẹ́ sí. Mo máa ń béèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu kí n tó gbé fóònù sókè. Èkejì, orí Wásáàpù ni, lẹ́yìn tó bá ti délé, torí pé lórí àga èèyàn máa ń tijú láti sọ pé rárá, pàápàá táwọn míì bá ń gbọ́. Ohun tí mo ń fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ẹ kúulé o mà. Fótò òní rèé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi nọ́ńbà kan dá mi lóhùn. 1: ẹ lè gbé e síta. 2: ẹ gbé e síta àmọ́ kí ojú mi má hàn. 3: ẹ tọ́jú ẹ̀ fún iṣẹ́ mi nìkan. 4: ẹ pa á rẹ́. Tẹ́ ẹ bá yí ọkàn padà nígbàkígbà, ẹ sọ fún mi, màá yọ ọ́."

Ẹni tí ò bá dáhùn, 3 ni mo kà á sí. Dídákẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ ìyàwó, mo máa ń fi kún un pé ọjọ́ wo ni mo lè gbé e, wọ́n sábà máa ń ní lẹ́yìn òde.

Ẹ fura sí 2 yẹn. Àwọn ìyá ẹlẹ́hàá àtàwọn tó ń lo híjáàbù tó ń ṣerun lẹ́yìn kọ́tìnnì, irun gan-an ni wọn ò fẹ́ kí ẹnì kankan rí, kí ojú má hàn kò yanjú tiwọn. Àwọn yẹn, mi ò yà wọ́n rárá àyàfi tí wọ́n bá sọ fún mi fúnra wọn. Tó bá sì jẹ́ ọmọdé, ìyá tàbí bàbá ẹ̀ ló máa dáhùn, àǹtí tó mú un wá kọ́.

Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà, ẹ wo dígí. Ṣọ́ọ̀bù wa kún fún dígí, mo ti rí fótò tí wọ́n fi nǹkan bo ojú ẹni tó ni irun, tí ojú ẹ̀ wá hàn kedere nínú dígí, tòun ti ìyá kan tó wà lábẹ́ dáráyà pẹ̀lú rólà lórí. Fídíò tún máa ń gbé ohùn, bóyá wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọkọ wọn lọ́wọ́, ẹ pa ohùn ẹ̀.

Ibi tí fótò máa gbé

Ẹ wọ sẹ́tíǹsì kámẹ́rà, ẹ pa "Location tags", torí tẹ́ ẹ bá lọ ṣe mékọ́ọ̀pù nílé èèyàn, fótò yẹn lè gbé ojú ibi tí ilé ẹ̀ wà sínú. Lẹ́yìn náà ẹ wọ Wásáàpù, "Settings", "Chats", ẹ pa "Media visibility". Ìdí ni pé àwọn kọ́sítọ́mà máa ń fi fótò ojú tó yọ róró tàbí orí tó ń já ránṣẹ́ pé kẹ́ ẹ bá àwọn wò ó, tẹ́ ẹ ò bá pa á, inú gálárì ló ń lọ tààrà, ọmọ yín tó gba fóònù láti wo kàtúùnù máa bá a níbẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ bá ń pa, látìsinsìnyí lọ ló ń ṣiṣẹ́, àwọn ti àtijọ́ ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ kó o.

Nínú Google Photos mo ní álíbọ́ọ̀mù méjì. Àwọn tó dáhùn 1 wà nínú ọ̀kan. Nínú èkejì, èyí tí mo ti fi sítíkà bo ojú ẹ̀ nìkan ló ń wọ̀ ọ́, ojúlówó ẹ̀ kì í débẹ̀, kọ́wọ́ má bàa ṣe àṣìṣe lóru tí oorun ń kunni. Àwọn 3, "Locked Folder" ni wọ́n ń lọ, áàpù míì ò lè rí wọn níbẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ ò bá tan bákọ́ọ̀pù fún un, tẹ́ ẹ bá wá yọ áàpù yẹn kúrò tàbí tẹ́ ẹ rísẹ́ẹ̀tì fóònù, ó lọ pátá nìyẹn. Ní tèmi, 3 tó bá ti lé lóṣù mẹ́fà, mo máa ń pa á rẹ́, àwọ̀ fọndéṣọ̀n tí mo lò fún un ti wà nínú ìwé ná, kí ni mo tún ń fi fótò ṣe.

Tó bá ní kẹ́ ẹ yọ ọ́

Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní 12 Júùnù 2023 lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni èèyàn ní Nàìjíríà fún un lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ọkàn padà, kó sì rọrùn fún un bó ṣe rọrùn nígbà tó gbà. Ẹ má bi í pé kí ló dé. Ká ní ó dáhùn 1 lóṣù kẹta, ó wá níbi iṣẹ́ tuntun òun wọn ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo máa yọ ọ́ lórí Íńsítágíráàmù àti nínú "Highlights", màá wo bóyá ó wà lórí fúláyà kankan, màá yọ ọ́ nínú álíbọ́ọ̀mù àti nínú ìjíròrò Wásáàpù, màá wá wọnú "Trash" Google Photos lọ. Ibẹ̀ ni èèyàn máa ń gbàgbé: fótò tó ti wà ní bákọ́ọ̀pù ń gbébẹ̀ fún 60 ọjọ́ kó tó kúrò. Lẹ́yìn náà ni mo máa wá sọ fún un pé ibi tí mo ti yọ ọ́ rèé, àti pé èyí táwọn míì ti sefù, mi ò lè dé ibẹ̀.

Bí fóònù bá sọnù

Èyí, kó tó ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti múra. Ẹ wọ Wásáàpù, "Settings", "Account", "Two-step verification", ẹ fi píìnì onínọ́ńbà 6 sí i, torí àwọn gbájú-ẹ̀ tó bá gba Wásáàpù yín, kọ́sítọ́mà yín ni wọ́n máa tọrọ owó lọ́wọ́ wọn lórúkọ yín. Nọ́ńbà tí Wásáàpù bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má kà á fún ẹnikẹ́ni, kódà kó ní ọmọ ìjọ yín lòun.

Lọ́jọ́ tó bá wá sọnù, ẹ yá fóònù ẹlòmíì, ẹ wọ google.com/android/find pẹ̀lú àkáǹtì iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ tì í pa látibẹ̀, tó bá dájú pé kò ní padà mọ́, ẹ pa ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́. Ẹ pe ilé iṣẹ́ síìmù yín kí wọ́n dá nọ́ńbà dúró. Bó bá jẹ́ pé fóònù ọ̀hún kò ní lọ́ọ̀kì, tí fótò àwọn èèyàn wà nínú ẹ̀, tó sì lè kó bá wọn, òfin ní kẹ́ ẹ fi tó NDPC, àjọ tó ń rí sí ìdáàbòbò ìsọfúnni èèyàn, létí láàárín wákàtí 72. Kẹ́ ẹ sì fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti nọ́ńbà míì lọ́jọ́ yẹn gan-an, torí bùrọ́díkáàsì ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ò sefù nọ́ńbà yẹn: fóònù mi ti sọnù láago báyìí, ẹni tó bá fi nọ́ńbà mi tọrọ owó lọ́wọ́ yín, èmi kọ́ o.