Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nídìí ihò USB inú bọ́ọ̀sì àti pápákọ̀ òfurufú: ẹ má ra ádápítà tí kò dí nǹkan kan

Ó ń bí èèyàn nínú láti máa wo bí owó ṣe ń ṣòfò lórí ohun kékeré yìí. Ẹnì kan á gbọ́ pé ihò USB tó wà nínú bọ́ọ̀sì lè jí nǹkan inú fóònù, á sáré lọ sí Pánsẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta, á ra ádápítà iná-nìkan àkọ́kọ́ tí wọ́n bá nà sí i. Kò ní yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní dán an wò, ó ti gbà pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ẹlòmíràn á ra ojúlówó, á rí i pé fóònù òun ń gba iná díẹ̀díẹ̀, á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, á gbé e sọnù, á sì padà sí fífi okùn lásán gún ihò tó bá rí. Àwọn méjèèjì ti pàdánù owó wọn, ìkejì ló sì dùn mí jù, torí ohun tó dára ló jù nù.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ rèé. Wáyà mẹ́rin ló wà nínú okùn USB onígun tí gbogbo wa mọ̀: méjì tó wà létí ń gbé iná fólítì 5, méjì tó wà láàárín ló ń gbé ọ̀rọ̀, ìyẹn dátà, láàárín fóònù àti ohun tí wọ́n so ó mọ́. Ádápítà iná-nìkan, ohun kékeré tí a ń fi sáàárín okùn àti ihò, gé méjì àárín yẹn, iná ń kọjá, ọ̀rọ̀ kò rí ọ̀nà gbà.

Àṣìṣe kìíní ni ti ẹni tó ní òun kò nílò ádápítà, torí pé fóònù á béèrè lọ́wọ́ òun kó tó jẹ́ kí ohunkóhun wọlé. Lóòótọ́, láti orí iOS 7 ní 2013 ni iPhone ti ń béèrè `Trust This Computer?`. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn olùwádìí láti Georgia Tech ní Amẹ́ríkà ti fi ṣájà tí wọ́n kan fúnra wọn gbé ààpù wọnú iPhone láàárín ìṣẹ́jú kan, ìdí nìyẹn tí ìbéèrè náà fi wúlò. Fóònù Android tòde òní náà máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí gbígba iná nìkan, àfi tí onífóònù bá yí i padà.

Ṣùgbọ́n ní 2025, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Graz ní Ọ́stríà fi hàn pé ṣájà tí wọ́n ti dọ́gbọ́n sí lè ṣe bíi kọ̀ǹpútà, kó tún ṣe bíi kíbọọ̀dù. Ìbéèrè á jáde lójú fóònù, ṣájà tó mú ìbéèrè wá á tún tẹ ìdáhùn fúnra rẹ̀, onífóònù kò ní fọwọ́ kan nǹkan kan. iOS 18.4 àti Android 15 ti ń fẹ́ kí onífóònù kọ́kọ́ jẹ́rìí sí i pé òun ni kí wọ́n tó gbà. Fóònù tó ṣì wà lórí Android 11 tàbí 12, tí àtúnṣe kò sì wá fún mọ́, kò ní ààbò yẹn, irú rẹ̀ sì pọ̀ lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ àwọn tó ń dán an wò ni èyí, n kò sọ pé gbogbo bọ́ọ̀sì tó ń gbéra ní Kútọ̀ ni olè wà nínú rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí wáyà ọ̀rọ̀ kò bá sí, kò sí ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni máa dáhùn.

Àṣìṣe kejì: rédíò ọkọ̀. Ihò tó wà lójú rédíò kì í ṣe ojú ṣájà. Wọ́n ṣe é kó lè ka orin lórí fóònù tàbí fíláàṣì, nítorí náà wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iná rẹ̀ kì í sábà ju áńpù 0.5 lọ. Tí awakọ̀ bá ní "ẹ fún mi lókùn yín, mo máa bá yín so ó níwájú", ẹ fi ádápítà sí i kí ẹ tó fún un, tàbí kí ẹ sọ pé ẹ ṣeun, ó ti tó.

Àṣìṣe kẹta ló ń bí mi nínú jù, òun ni pé wọn kì í dán ádápítà wò, tí wọ́n bá sì dán an wò, wọ́n á dán an wò lódì. Wọ́n á kì í bọ orí ṣájà ara ògiri, fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí gba iná, wọ́n á ní "ó ń ṣiṣẹ́". Kí ló fi hàn? Orí ṣájà ògiri kò ní ọ̀rọ̀ kankan tó fẹ́ bá fóònù sọ, nítorí náà ádápítà tó dí ọ̀nà àti èyí tí kò dí nǹkan kan, bákan náà ni wọ́n máa rí níbẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹnu rẹ̀, ìyẹn apá tó ń wọnú ihò ọkọ̀. Ẹ tàn án lójú iná. Irin wúrà méjì péré ló yẹ kó wà níbẹ̀, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ òsì, kí àárín ṣófo. Tí ẹ bá rí mẹ́rin, ẹ má tíì dájọ́, torí pé àwọn kan ní irin mẹ́rin níta tí wọ́n sì gé méjì nínú. Ìdánwò ló máa sọ. Tí ẹ bá sì rí méjì, ẹ ṣì dán an wò.

Ẹ mú láptọ́ọ̀pù tiyín, kì í ṣe ti ẹlòmíràn. Ẹ fi okùn so fóònù mọ́ ọn láìsí ádápítà láàárín, kí ẹ sì ṣí fóònù. Fóònù gbọ́dọ̀ gbé ìkéde jáde pé ó wà lórí USB, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ yan `File transfer`, kí láptọ́ọ̀pù sì gbé orúkọ fóònù náà jáde. Tí kò bá gbé e jáde, okùn yín gan-an kò ní wáyà ọ̀rọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Okùn olówó pọ́ọ́kú kan wà tó jẹ́ iná nìkan ló ń gbé. Tí ẹ bá fi irú rẹ̀ dán ádápítà wò, gbogbo ádápítà ayé ló máa yege.

Tí láptọ́ọ̀pù bá ti rí fóònù, ẹ yọ okùn, ẹ fi ádápítà sáàárín, kí ẹ sì tún un so. Fóònù gbọ́dọ̀ máa gba iná, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ mú ìkéde USB kankan jáde, orúkọ rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ hàn lórí láptọ́ọ̀pù. Ẹ fún un ní bí ìṣẹ́jú kan. Ẹ yí okùn nínú rẹ̀ díẹ̀, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Tí orúkọ bá yọ, kódà kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Kí ẹ tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ẹ dán an wò níwájú ìsọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó ló dára jù.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pariwo pé "kò yára". Wáyà àárín tí ẹ gé yẹn náà ni fóònù fi ń mọ irú ṣájà tó wà níwájú rẹ̀. Tí kò bá gbọ́ nǹkan kan, àwọn fóònù kan á rọra mu áńpù 0.5 péré, torí wọ́n ń rò pé orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n wà. Ojúlówó ádápítà máa ń so irin àárín méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí fóònù. Àmì tí orí ṣájà ògiri ń lò nìyẹn, fóònù tó bá sì rí i lè mu tó áńpù 1.5, bí ihò ọkọ̀ bá ní in. Àmì tirẹ̀ ni iPhone ń wá, nítorí náà ádápítà tó dára fún un máa ń ní ẹ̀rọ kékeré kan nínú tó ń fún un ní àmì yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìrìn wákàtí méjì láti Kútọ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà ṣírò rẹ̀. Bátìrì 5000 mAh ń gbé nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 19. Pẹ̀lú áńpù 0.5 lórí fólítì 5, wáàtì-wákàtí 5 ló máa wọlé, ooru á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, èyí tó kù á gbé bátìrì sókè ní nǹkan bí 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ẹ bá ń wo fídíò lọ, ó lè má sún rárá. Pẹ̀lú áńpù 1.5, á sún mọ́ 65. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹ fẹ́ sanwó fún, òun ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n kí ẹ má retí iná eré sísá, ìyẹn ti fólítì 9, lórí ihò onígun: orí wáyà àárín ni fóònù àti ṣájà ti ń ṣe àdéhùn rẹ̀, wáyà náà kò sì sí mọ́. Ti ihò kékeré olójú méjì, ìyẹn `USB-C`, yàtọ̀, wáyà ọ̀tọ̀ ni àdéhùn iná rẹ̀ ń gbà. Ádápítà tí wọ́n ṣe fún un lè jẹ́ kí iná ńlá kọjá láìjẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá, ìdánwò orí láptọ́ọ̀pù kan náà ló sì máa jẹ́rìí sí i.

Ohun tí ádápítà kò lè ṣe rèé: kò lè tún iná burúkú ṣe. Iná bátìrì ọkọ̀, fólítì 12 nínú bọ́ọ̀sì kékeré tàbí 24 nínú ńlá, ni ẹ̀rọ kan sọ di 5, ọkọ̀ mìíràn sì ń lo ẹ̀rọ yẹpẹrẹ. Iná yẹn ń gba inú ádápítà kọjá tààrà. Ẹ máa mọ̀ ọ́n tí àmì ìgbanáwọlé bá ń lọ tó ń bọ̀, tí ojú fóònù bá ń tẹ ara rẹ̀ tàbí tó bá kọ ìka, tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá sì gbóná kọjá bó ṣe ń gbóná nílé. Ẹni tó bá ní mítà USB kékeré, kó wò ó: fólítì 4.75 sí 5.25 ló dára. Tó bá ju 5.5 lọ, ẹ yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má lo okùn tí ẹ bá lójú ọ̀nà. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ pamọ́ sínú orí okùn fúnra rẹ̀, ádápítà tí ẹ fi sídìí rẹ̀ kò sì ní mọ̀.

Lórí Android, ẹ pa `USB debugging`, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pàṣẹ fún fóònù, tí ẹ kò bá lò ó.

Ní pápákọ̀ òfurufú, tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri bá wà nítòsí, orí ṣájà tiyín ló sàn ju gbogbo ádápítà lọ. Tí ihò USB nìkan ló wà, ẹ fi páwà báńkì sí i, kó mu iná, kí fóònù wá mu tirẹ̀ lára páwà báńkì lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́.

Ẹni tó bá sì ti tẹ `Trust` tàbí `Allow` níbi kan tí kò dá lójú, kó fagi lé e lónìí. Lórí iPhone: `Settings > General > Transfer or Reset iPhone > Reset > Reset Location & Privacy`. Lórí Android, nínú `Developer options`, ẹ tẹ `Revoke USB debugging authorizations`, kí ẹ sì wo `Default USB configuration`: `No data transfer` ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.